Prófọ́mà Kì í Ṣe Gbèsè, Ínfọ́ìsì Kì í Ṣe Risíìtì

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹ ní kí wọ́n já ìwé fún yín, ẹni tó ń tajà yóò bi yín pé ìwé wo. Ó lè jẹ́ prófọ́mà lẹ fẹ́, kí ẹ lè mú un lọ fún ọ̀gá yín ní ọ́fíìsì kó tó fọwọ́ sí owó. Ó lè jẹ́ ínfọ́ìsì tí yóò bá ẹrù rìn. Ó sì lè jẹ́ risíìtì, nítorí pé owó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sábà máa ń jáde. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù á wà lókè, òǹtẹ̀ á wà nísàlẹ̀, iye owó inú wọn sì lè má yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Nínú ọjà abẹ́lé, ẹ lè ṣe é kó má dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹrù bá ń ti òkè òkun bọ̀, tí báńkì àti aṣọ́bodè ti dá sí i, ìwé tí kò sí nípò rẹ̀ lè dá kọ̀ntéènà dúró sí Àpápá, kí owó ìgbafẹ́rùsí sì máa gùn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹrù kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ìyá oníṣòwò kan wà ní Ìdúmọ̀tà tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ fún àwọn télọ̀. Ó fẹ́ kó 200 orí ẹ̀rọ oníná, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé ìránṣọ ńlá, láti Taizhou ní ìpínlẹ̀ Zhejiang ní Ṣáínà, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ pọ̀ sí. Orí ẹ̀rọ nìkan ló ń rà. Káfíńtà ní Èkó ni yóò kan tábìlì rẹ̀. Ká sọ pé iléeṣẹ́ náà ní dọ́là 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn yóò sì gbé e dé inú ọkọ̀ ní èbúté Ningbo. Èyí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní FOB Ningbo. Owó ẹ̀rọ jẹ́ dọ́là 24,000. Owó ọkọ̀ ojú omi láti Ningbo sí Àpápá, ká pè é ní dọ́là 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 27,000, òun sì ni iye CFR, ìyẹn iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ láìka owó adójútòfò mọ́ ọn.

Títí di àsìkò yìí, ẹnu lásán ni. Ìyá náà kò tíì rà, iléeṣẹ́ kò sì tíì tà. Prófọ́mà ni ìwé tó máa kọ́kọ́ jáde, ohun tó sì ń sọ ni pé bí ẹ bá ra ọjà yìí, bí yóò ṣe rí nìyí. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irú ọjà, iye rẹ̀, bí wọn yóò ṣe sanwó, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọn yóò fi ṣe é, nọ́ńbà àkáǹtì tí owó yóò wọ̀, àti ọjọ́ tí iye owó náà kò ní wúlò mọ́. Ẹni tó gbà á kò tíì jẹ gbèsè kankan. Bí ó bá wò ó tí owó náà pọ̀ jù, ó lè sọ ọ́ nù kó wá iléeṣẹ́ mìíràn. Akọ̀wé owó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ prófọ́mà sínú ìwé gbèsè, kò sì ní kọ ọ́ sínú ọjà tí wọ́n ti tà. Ní Britain, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò, àjọ owó orí ibẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sára prófọ́mà gbangba pé kì í ṣe ínfọ́ìsì VAT, kí ẹnikẹ́ni má baà fi gba owó orí tí kò tíì san padà.

Ìwé tí kò so ẹnikẹ́ni yìí náà ni báńkì máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣí Fọ́ọ̀mù M ní báńkì kí ẹrù tó kúrò níbi tó ti ń bọ̀, prófọ́mà sì ni báńkì máa fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò tún béèrè ìwé adójútòfò láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa fi ń rajà ní iye CFR dípò kí wọ́n ní kí ará Ṣáínà bá wọn san owó adójútòfò mọ́ ọn. Bí ọjà náà bá wà lábẹ́ SON, ìwé SONCAP náà yóò wọ̀ ọ́.

Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ nípa prófọ́mà tó máa bá Fọ́ọ̀mù M lọ kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣókí. Oṣù 3 ni prófọ́mà náà gbọ́dọ̀ fi wúlò, orúkọ ọjà, àmì iléeṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì, agbára tàbí ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe dì í gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Bí ará Ṣáínà bá kọ "ẹ̀rọ ìránṣọ, 200", tó sì fi iye owó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé yẹn yóò dára fún ẹni méjì tó mọ ara wọn. Kò lè tó fún báńkì, nítorí pé ẹ̀rọ tí ìyá àgbà ń fọwọ́ yí nílé àti ẹ̀rọ tó ń lo mọ́tò nílé iṣẹ́ ni gbólóhùn yẹn bò mọ́lẹ̀ pọ̀, iye wọn kò sì bára mu. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé orí ẹ̀rọ ìránṣọ ilé iṣẹ́ ni, abẹ́rẹ́ kan ló ní, mọ́tò rẹ̀ jẹ́ báyìí, módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ báyìí, páálí kan gba ọ̀kan, páálí 200, pẹ̀lú nọ́ńbà HS tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8452, tí àwọn aṣọ́bodè káàkiri ayé ń fi mọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí ìyá náà má gba prófọ́mà tí àlàyé yìí kò bá sí nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti tún un kọ nígbà tí ẹrù ṣì wà ní Taizhou. Tí ẹrù bá ti wà lórí òkun, ó di iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀.

Nọ́ńbà àkáǹtì inú prófọ́mà náà fẹ́ ojú tó là. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ tó kọ prófọ́mà. Àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń wọ inú ímeèlì àwọn méjì tó ń ṣòwò pọ̀, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́ títí owó fi kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n á wá fi prófọ́mà "tuntun" ránṣẹ́ pé àwọn ti yí báńkì padà nítorí ọ̀rọ̀ owó orí. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ á bá ti àkọ́kọ́ mu àfi àkáǹtì. Bí irú rẹ̀ bá dé, kí ìyá náà pe nọ́ńbà tẹlifóònù tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kó má pe èyí tó wà lórí ìwé tuntun náà.

Ká ní ohun gbogbo lọ déédéé. Àdéhùn wọn ni pé ìyá náà yóò san ìdá 30 nínú 100 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yóò san èyí tó kù nígbà tí ó bá rí ẹ̀dà ìwé ọkọ̀. Ìdá 30 nínú dọ́là 27,000 jẹ́ dọ́là 8,100. Báńkì rẹ̀ fi owó náà ránṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ìwé tí àwọn oníṣòwò ń pè ní MT103. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe ìwé yìí ní risíìtì, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí pé owó kúrò ní báńkì ẹni tó ń rà ni. Kò sọ pé ẹni tó ń tà ti rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí owó náà wà fún. Kí ìyá náà béèrè risíìtì lọ́wọ́ iléeṣẹ́: ìwé tó sọ pé "a gba dọ́là 8,100, àsansílẹ̀ lórí prófọ́mà nọ́ńbà báyìí", tó ní ọjọ́, òǹtẹ̀ àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Àwọn ará Ṣáínà kì í sábà mú un wá fúnra wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fún ẹni tó bá béèrè.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa kó ẹrù sínú kọ̀ntéènà, iléeṣẹ́ ní 190 ẹ̀rọ ló ti parí, pé 10 kù. Ìyá náà ní kí wọ́n máa gbé èyí tó wà bọ̀. Ìgbà yìí ni ínfọ́ìsì gidi jáde, èyí tí báńkì àti aṣọ́bodè ń pè ní kọ́máṣà ínfọ́ìsì. Ohun tí ìwé yìí ń sọ yàtọ̀ pátápátá: a ti ta ọjà yìí fún yín, a ti kó o sọ́kọ̀, iye tí ẹ sì jẹ wá nìyí. Ẹ̀rọ 190 ní dọ́là 120 jẹ́ dọ́là 22,800. Ọkọ̀ ojú omi dọ́là 3,000. Àpapọ̀ dọ́là 25,800. Yọ dọ́là 8,100 tí ó ti san kúrò, ó ku dọ́là 17,700.

Ẹ ṣàkíyèsí pé prófọ́mà àti ínfọ́ìsì kò bára mu mọ́, kò sì sí ẹni tó purọ́. Prófọ́mà sọ ohun tí wọ́n ń gbèrò, ínfọ́ìsì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni kí iléeṣẹ́ kàn pa orúkọ "prófọ́mà" rẹ́ lókè ìwé àtijọ́, kó fi ọjọ́ tuntun sí i, kó fi ránṣẹ́ ní 200. Ìwé ìdìpọ̀ ẹrù yóò sọ pé páálí 190, ìwé ọkọ̀ yóò sọ pé páálí 190, ínfọ́ìsì yóò máa sọ pé 200. Aṣọ́bodè tó bá rí i yóò ní kí wọ́n ṣí kọ̀ntéènà, ìyá náà yóò sì san owó orí lórí ẹ̀rọ 10 tí kò rí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀dà àwọn ìwé náà bá dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti tẹ́ wọn sórí tábìlì kan náà, kí ẹ fi ìka tọ iye páálí, ìwọ̀n, módẹ́ẹ̀lì àti orúkọ ẹni tó ń rà láti ìwé kan dé èkejì. Kí nọ́ńbà Fọ́ọ̀mù M náà wà lórí ìwé. Fún ẹrù tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà, ínfọ́ìsì yìí máa ń wá pẹ̀lú ìwé tó fọwọ́ sọ̀yà nípa iye ọjà àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní CCVO. Inú àwọn ìwé wọ̀nyí ni aṣọ́bodè ti ń ṣe PAAR, ìwé ìdíyelé tí wọ́n ti ń lò láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, tí a máa ń fi mọ iye owó orí kí ẹrù tó jáde.

Bó bá jẹ́ lẹ́tà kírẹ́díìtì ni ìyá náà fi rajà, níbi tí báńkì ti ṣèlérí láti sanwó fún ẹni tó ń tà bí ìwé rẹ̀ bá pé, ọ̀rọ̀ á tún le sí i. Ìlànà tí àwọn báńkì àgbáyé ń tẹ̀ lé fún un ni UCP 600, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2007. Abala 18 rẹ̀ sọ pé ẹni tí kírẹ́díìtì wà fún ni kó kọ ínfọ́ìsì, kó kọ ọ́ lórúkọ ẹni tó ń rà, owó orílẹ̀-èdè tó wà nínú kírẹ́díìtì ni kó fi kọ ọ́, àlàyé ọjà inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti kírẹ́díìtì mu. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé abala yẹn kan náà sọ pé kò pọn dandan kí wọ́n fọwọ́ sí ínfọ́ìsì náà. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá pe ara rẹ̀ ní prófọ́mà, báńkì kò ní gbà á dípò ínfọ́ìsì, kódà kí gbogbo iye inú rẹ̀ pé. Ẹ̀rọ 190 dípò 200 náà yóò di ìṣòro níbẹ̀, nítorí pé àyè ìdá 5 nínú 100 tí UCP fi sílẹ̀ fún àìpé ọjà kò kan ọjà tí wọ́n kà ní páálí tàbí ní ẹyọ. Ọjà tí wọ́n ń wọ̀n, bí ìrẹsì tí kò sí nínú àpò tàbí epo, ni àyè yẹn wúlò fún.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó bá ti ra ọjà ní Ṣáínà máa gbọ́ láìpẹ́: "Èló ni kí n kọ sórí ínfọ́ìsì?" Ẹni tó ń tà ló ń bi yín, inú rere ló sì fi ń bi yín. Ẹ́jẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde náà lè dá sí i pé, "Màmá, ẹ ní kí wọ́n kọ 12,000 síbẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ká tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ òfin tì ná, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé lórí ìdíyelé sọ pé iye tí ẹni tó ń rà san, tàbí tí yóò san, ni aṣọ́bodè máa kọ́kọ́ lò. Bí iye ínfọ́ìsì bá ń fura, wọ́n lè béèrè ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, wọ́n sì lè gbé ínfọ́ìsì yín tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n lo iye irú ọjà bẹ́ẹ̀ tó ti wọlé ṣáájú. MT103 tó sọ pé dọ́là 25,800 ló jáde yóò wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfọ́ìsì tó sọ pé 12,000. Àfikún owó àti ìtanràn lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú dibíìtì nóòtì. Bí ọkọ̀ ojú omi bá sì jóná lójú ọ̀nà, iléeṣẹ́ adójútòfò yóò wo ínfọ́ìsì. Ìyá tó pàdánù ọjà dọ́là 25,800 kò lè fi ìwé 12,000 béèrè ju ohun tí ìwé rẹ̀ sọ lọ. Èmi kò rí èrè níbẹ̀.

Ẹrù kan wà tí prófọ́mà lè bá rìn dópin láìsí ínfọ́ìsì mìíràn: ẹrù tí kò sí káràkátà nínú rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ náà bá fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí ìyá náà nípasẹ̀ kúríà kó fi wò ó, tàbí tí ìyá náà bá dá mọ́tò tó bàjẹ́ padà kí wọ́n tún un ṣe, kò sí ẹni tó jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Síbẹ̀ aṣọ́bodè fẹ́ mọ ohun tó wà nínú páálí àti iye tó tó. Wọ́n á kọ prófọ́mà, wọ́n á sì sọ nínú rẹ̀ pé iye yìí wà fún aṣọ́bodè nìkan, kì í ṣe fún títà. Ẹ má kọ òdo síbẹ̀. Ọjà tí a fi ta èèyàn lọ́rẹ náà níye lórí lójú aṣọ́bodè.

Ká padà sí ẹrù wa. Ìyá náà ti san dọ́là 17,700, ó ti gba risíìtì kejì, kọ̀ntéènà ti jáde, ẹ̀rọ ti dé Ìdúmọ̀tà. Báyìí, òun ló wá di ẹni tó ń kọ ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ ẹ̀rọ 5. Wọ́n ní kó kọ prófọ́mà wá, nítorí pé ìgbìmọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó kọ ọ́. Wọ́n fi ìwé àṣẹ ìrajà tí wọ́n ń pè ní LPO ránṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ lọ, ó sì kọ ínfọ́ìsì lé e pé kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ 30. Ó gba ẹ̀dà kan tí wọ́n fọwọ́ sí pé ẹrù pé. Kò já risíìtì, nítorí pé owó kò tíì wọlé. Kó má sì já a o, bí ọ̀gá ibẹ̀ tiẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé òun nílò rẹ̀ kí òun fi gba owó jáde ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ti fi risíìtì lélẹ̀ ti jẹ́rìí pé wọ́n ti san án, bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, òun ni yóò máa ṣàlàyé ìdí tí ìwé ọwọ́ ara rẹ̀ fi ń ta kò ó. Ohun tí ọ́fíìsì máa ń fi gba owó jáde ni ínfọ́ìsì àti LPO.

Télọ̀ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù láti san apá kan náà ní tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ₦300,000, tó sì san ₦180,000, risíìtì yóò sọ pé ₦180,000 ni wọ́n gbà, yóò sì kọ ọ́ pé ó ku ₦120,000. Àwọn kan máa ń kọ gbogbo ₦300,000 sórí risíìtì, kí wọ́n fi bírò kékeré kọ "ó ku díẹ̀" sí etí ìwé. Ní ọdún tó ń bọ̀, ta ni yóò sọ iye tí "díẹ̀" jẹ́? Bí télọ̀ náà bá sì ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù wo àkáǹtì kó tó já risíìtì. Àwòrán tó wà lójú fóònù ẹni tó ń rà kò tó ẹ̀rí, álààtì ayédèrú sì pọ̀ níta. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ìwé risíìtì, wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ "a ti san án" lé ínfọ́ìsì lórí, wọ́n á sì kọ ọjọ́ sí i. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́ risíìtì, bí ọjọ́ àti ìfọwọ́sí bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ tí kò ní ọjọ́ kò sọ ìgbà tí owó wọlé.

Fún ẹrù kọ̀ọ̀kan, àpò fáìlì kan tó: prófọ́mà, Fọ́ọ̀mù M, ínfọ́ìsì, ìwé ìdìpọ̀, ìwé ọkọ̀, MT103 méjèèjì, risíìtì iléeṣẹ́ àti risíìtì owó aṣọ́bodè. Òfin CAMA ti ọdún 2020 ní kí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún 6. Ìwé tó ń ti inú ẹ̀rọ POS jáde kò lè bá yín dé ibẹ̀, nítorí pé ooru ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.